Ta ló wo ibi tí ẹ wà ní aago méjì òru? Bí a ṣe ń ka Privacy dashboard

Àwòrán kan wà lọ́wọ́ yín. Bóyá ẹ̀yin lẹ yà á lójú fóònù yín, bóyá ọmọ yín ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé, "Mọ́mì, ẹ wo ohun tí fóònù yín ń ṣe nígbà tí ẹ bá sùn." Wọ́n kọ "Privacy dashboard" sí òkè rẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹ rí Location, Camera àti Microphone, wọ́n sì kọ "Used by 5 apps" tàbí "Used by 2 apps" sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń rò pé áàpù márùn-ún ló ń ṣọ́ àwọn. Ohun tí ojú ewé náà ń sọ kò tó bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni. Android 12, tó jáde lọ́dún 2021, ló mú un dé. Nígbàkígbà tí áàpù kan bá lo àṣẹ tí ẹ fún un, bóyá ó wo ibi tí ẹ wà, ó tan kámẹ́rà, ó ṣí maikirofóònù, tàbí ó ka orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn yín, fóònù á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ má fi í wé "Permission manager", èyí tó máa ń kọ nǹkan bíi "12 of 48 apps allowed". Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín yàtọ̀ sí ẹni tó wọlé lánàá. Orúkọ àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ ló wà nínú Permission manager. Orúkọ àwọn tó wọlé, àti aago tí wọ́n wọlé, ló wà nínú Privacy dashboard. Áàpù tó ní àṣẹ ṣùgbọ́n tí kò lò ó kò ní hàn níbẹ̀ rárá, nítorí náà bí ẹ kò bá rí orúkọ áàpù kan, kò túmọ̀ sí pé kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Láti ṣí i, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ tẹ "Security & privacy" tàbí "Privacy", lẹ́yìn náà kí ẹ wá "Privacy dashboard". Lórí Samsung, "Permissions used in last 24 hours" ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ kò bá rí i lórí fóònù tiyín, ẹ má wulẹ̀ máa yí kiri. Ẹ kọ "privacy dashboard" sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings, yóò gbé yín lọ síbẹ̀. Bí kò bá mú nǹkan kan wá, ẹ wo "About phone" kí ẹ mọ nọ́ńbà Android yín. Fóònù tó ṣì wà ní Android 11 kò ní in.

Kí ẹ tó ka ìlà kankan

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò lára àwòrán náà, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́ sí yín. Àkọ́kọ́ ni aago tó wà lókè pátápátá ojú fóònù. Wákàtí 24 tó kọjá ni ojú ewé yìí ń sọ, aago tí wọ́n ya àwòrán ló sì ń bá ṣírò, kì í ṣe aago tí ẹ̀yin ń kà á. Àwòrán tí wọ́n yà ní aago 9 àárọ̀ Ọjọ́rú bẹ̀rẹ̀ láti aago 9 àárọ̀ Ìṣẹ́gun. Láti Android 13, ẹ lè tẹ àmì mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún lókè kí ẹ yan "Show 7 days". Bí ẹni tó ya àwòrán bá ti tẹ ìyẹn, "Used by 9 apps" tí ẹ rí jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ìkejì tún wà lábẹ́ àmì mẹ́ta kan náà: "Show system". Fóònù máa ń fi àwọn áàpù tirẹ̀ pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá tẹ èyí, Google Play services á jáde pẹ̀lú ìlà rẹpẹtẹ lábẹ́ Location, ẹ̀rù á sì ba onítọ̀hún. Òun ni òṣìṣẹ́ tó ń bá àwọn áàpù yòókù wá ibi tí fóònù wà, nípa sátẹ́láìtì, Wi-Fi àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí Maps bá béèrè, òun ló máa ń lọ jíṣẹ́. Ẹ má gba àṣẹ Location lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù fúnra rẹ̀ á kìlọ̀ fún yín, bí ẹ bá sì kọ etí ikún, áàpù tó ń júwe ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà, wíwá fóònù tó sọnù náà lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìkẹta ni òrùka aláràbarà tó máa ń wà láàárín ojú ewé náà lórí àwọn fóònù kan. Iye áàpù ló ń fi hàn, kì í ṣe bí wọ́n ṣe pẹ́ tó. Bí apá Location bá tóbi ju ti Microphone lọ, áàpù tó lo Location ló pọ̀ jù. Áàpù kan ṣoṣo lè ti ṣí maikirofóònù fún wákàtí mẹ́ta, kí apá tirẹ̀ nínú òrùka ṣì rí tínńtín. Èmi kì í wo òrùka yẹn rárá.

Ojú ewé kejì ni ọ̀rọ̀ wà

Àwòrán ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè kankan. Ẹ tẹ Location fúnra rẹ̀. Ohun tó máa ṣí ni àkójọ lílò, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ló wà lókè. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní aago, àmì áàpù, orúkọ rẹ̀, nígbà mìíràn sì ni iye ìṣẹ́jú tó fi lò ó. Bí lílò náà kò bá tó ìṣẹ́jú kan, aago nìkan ni ẹ ó rí. Bí áàpù náà bá sì lò ó léraléra láìsinmi, fóònù á dì wọ́n pọ̀ sójú kan bí ìlà ẹyọ kan.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi ìlà kọ̀ọ̀kan: kí ni ọwọ́ mi ń ṣe ní aago yìí? Ẹ ó rí i pé ìbéèrè yìí wúlò ju "ṣé áàpù yìí dára" lọ, nítorí áàpù tó dára náà lè lo àṣẹ ní àkókò tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú àwòrán kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ká sọ pé obìnrin kan tó ń gbé ní Ọ̀jọ́ọ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ló ya á ní aago 9:14 àárọ̀ Ọjọ́rú. Lábẹ́ Location, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, láti òkè wá sílẹ̀: Maps ní aago 7:40 àárọ̀, ìṣẹ́jú 38. Áàpù ojú ọjọ́ ní aago 6:00, 5:00, 4:00, 3:00, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ jálẹ̀ òru. Áàpù tọ́ọ̀ṣì kan ní aago 2:17 òru. Chrome ní aago 8:31 alẹ́ àná. Áàpù tó ń gbé èèyàn láti ibì kan dé ibòmíràn ní aago 5:50 ìrọ̀lẹ́ àná, ìṣẹ́jú 44.

Maps kò ní ẹjọ́. Aago 7:40 ló kúrò nílé, ó ń wá ọ̀nà tí kò sí gosìlóò. Áàpù tó gbé e wálé láago 5:50 náà kò ní ẹjọ́, ìṣẹ́jú 44 bá ìrìnàjò láti Dùgbẹ̀ sí Ọ̀jọ́ọ̀ mu nírọ̀lẹ́. Ìlà méjèèjì yìí ló gùn jù lọ nínú àwòrán, àwọn ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ bá, wọn kò sì ní nǹkan kan tó yẹ ká máa bẹ̀rù. Ìṣẹ́jú tó pọ̀ kì í ṣe àmì ìwà ìkà.

Áàpù ojú ọjọ́ ni ká wá wò. Jálẹ̀ òru, wákàtí kọ̀ọ̀kan ló ń wo ibi tí fóònù wà, nígbà tí onífóònù ń sùn. Ọwọ́ onífóònù kò sí lára fóònù, nítorí náà áàpù yìí ní àṣẹ "Allow all the time". Ohun tó ń fà á kò burú: àpótí kékeré tó ń fi ooru àti òjò hàn lójú fóònù fẹ́ máa tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì ń béèrè ìlú tí ẹ wà kó tó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n òjò Ìbàdàn kò nílò àdúgbò yín. Ẹ tẹ ìlà náà. Ojú ewé àṣẹ áàpù yẹn á ṣí, pẹ̀lú ohun mẹ́rin tí ẹ lè yàn: "Allow all the time", "Allow only while using the app", "Ask every time" àti "Don't allow". Ẹ yan ìkejì. Nísàlẹ̀ ni "Use precise location" wà, ẹ pa á. Láti Android 12 ni ìyẹn ti wà: bí ẹ bá pa á, agbègbè tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 3 níbùú lóròó lápapọ̀ ni áàpù á máa rí dípò ojúlé yín. Ohun tí ẹ ó pàdánù ni pé àpótí ojú ọjọ́ yẹn lè má tún ara rẹ̀ ṣe mọ́ títí ẹ ó fi ṣí áàpù náà. Bó bá gbà kí ẹ kọ orúkọ ìlú yín sínú rẹ̀, ẹ kọ Ibadan, kí ẹ gba àṣẹ Location lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Tọ́ọ̀ṣì tó ń wá ọ̀nà

Ìlà ẹyọ kan ni tọ́ọ̀ṣì ní: aago 2:17 òru, kò sí iye ìṣẹ́jú. Ó rọrùn láti fò ó kọjá. Òun ló sì yẹ kí ẹ dúró tì jù lọ.

Iná ni iṣẹ́ tọ́ọ̀ṣì, iná ẹ̀yìn fóònù kò sì nílò Location láti tàn. Kí ló wá ń wá? Ọ̀pọ̀ áàpù ọ̀fẹ́ kò jẹ́ iṣẹ́ ẹnìkan. Ẹni tó ṣe tọ́ọ̀ṣì á kọ tirẹ̀, á wá fi ègé iṣẹ́ àwọn tó ń polówó ọjà kún un, torí àwọn ló ń sanwó fún un. Android kò ya wọ́n sọ́tọ̀. Àṣẹ tí ẹ bá fún tọ́ọ̀ṣì, ègé ìpolówó tó wà nínú rẹ̀ náà ti gbà á. Orúkọ tọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó rí lójú Privacy dashboard, ẹ kò ní rí orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Aago náà tún sọ ohun mìíràn fún yín. Áàpù tó ní "Allow only while using the app" kò lè wo ibi tí ẹ wà nígbà tí ẹ kò lò ó, àfi bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nínú rẹ̀ tó ṣì ń lọ, tí nótífíkéṣọ̀n rẹ̀ sì wà lókè fóònù, bí Maps ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń júwe ọ̀nà tí ẹ sì pa ojú fóònù. Nítorí náà, ìbéèrè kan ló kù. Ṣé onífóònù dìde tan tọ́ọ̀ṣì ní aago 2:17 nítorí pé iná lọ? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣí áàpù náà, ègé ìpolówó sì rí àyè wọlé. Bí kò bá dìde, a jẹ́ pé "Allow all the time" ló wà lára rẹ̀, ẹnìkan ló sì tẹ̀ ẹ́ fún un nígbà kan.

Bí kò bá rántí, ẹ lọ sí Settings, "Digital Wellbeing & parental controls", kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí áàpù náà fi wà lójú fóònù lọ́jọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ òdo, tí Location sì ní ìlà, áàpù náà ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pè é. Privacy dashboard fúnra rẹ̀ kì í sọ fún yín bóyá áàpù wà lójú fóònù tàbí ó fara pamọ́, àfiwé yìí ló máa ṣe é fún yín.

Tọ́ọ̀ṣì yìí ní láti lọ. Fóònù yín ní tirẹ̀ lára àwọn bọ́tìnnì tó máa ń jáde bí ẹ bá fà á wálẹ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n ẹ ya àwòrán ojú ewé náà kí ẹ tó yọ áàpù kúrò. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, àwọn ìlà rẹ̀ náà á pòórá kúrò nínú àkọsílẹ̀, kò sì ní sí ẹ̀rí kankan mọ́ bí ẹ bá fẹ́ fi ẹjọ́ sun.

Orúkọ tí ẹ rí lè má jẹ́ ti ẹni tó béèrè

Chrome tó wo Location láago 8:31 alẹ́ ń kọ́? Chrome kàn jẹ́ ilẹ̀kùn. Sáìtì kan ló béèrè, onífóònù sì tẹ "Allow", bóyá níbi tó ti ń wá ilé ìtajà tó wà nítòsí. Privacy dashboard kò ní dárúkọ sáìtì náà. Ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àmì mẹ́ta, Settings, Site settings, Location, ẹ ó rí gbogbo sáìtì tí ẹ ti fún láyè, ẹ sì lè mú un kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí àwọn tó yọ àṣẹ Chrome pátápátá tí ọ̀rọ̀ sì sú wọn lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

Irú rẹ̀ wà lábẹ́ Microphone náà. Bí ẹ bá tẹ àmì maikirofóònù lórí kíbọ́ọ̀dù tí ẹ sì ń sọ̀rọ̀ kó máa bá yín kọ ọ́ nínú WhatsApp, ó lè jẹ́ orúkọ kíbọ́ọ̀dù tàbí ti Google ni ẹ ó rí. Bákan náà, áàpù kan lè ní kí kámẹ́rà fóònù bá òun ya fọ́tò kan, orúkọ Camera ló máa jáde, orúkọ áàpù tó rán an níṣẹ́ kò ní sí níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ rántí ohun tí ẹ ń ṣe ní aago yẹn.

Maikirofóònù àti kámẹ́rà rọrùn díẹ̀ ju Location lọ, torí fóònù máa ń gbé àmì kan tó ní àwọ̀ ewé sí igun ọ̀tún lókè nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fa òkè fóònù wálẹ̀ tí ẹ sì tẹ àmì náà, á sọ áàpù tó ń lò ó lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní ti obìnrin wa, WhatsApp ní aago 9:40 alẹ́, ìṣẹ́jú 22, ìpè tó bá àbúrò rẹ̀ sọ ni. Bó bá jẹ́ eré orí fóònù tí ọmọdé ń gbá ló ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ gba àṣẹ Microphone lọ́wọ́ eré náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń fẹ́ pa maikirofóònù fún gbogbo áàpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nípa bọ́tìnnì "Mic access". Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé ẹ ó máa pariwo "Ẹ ń gbọ́ mi?" sínú fóònù tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìlà kékeré tó léwu jù

Lábẹ́ àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni "See other permissions" tàbí "Other permissions" wà. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n ń pín kiri kì í ṣí ibẹ̀. Ẹ ṣí i. Ẹ ó rí Contacts, SMS, Call logs, Files, Calendar àti àwọn yòókù. Lábẹ́ Contacts obìnrin yìí, WhatsApp wà, áàpù ìpè fóònù wà, áàpù kan tó ń yáni lówó sì wà ní aago 6:12 àárọ̀. Aago nìkan, kò sí ìṣẹ́jú.

Bí a ṣe ń ka Location kọ́ la ṣe ń ka Contacts. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ẹ ń lọ ní láti máa wò lemọ́lemọ́. Ẹni tó fẹ́ nọ́ńbà àwọn èèyàn yín, ìgbà kan ṣoṣo tó. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti ka nọ́ńbà ẹgbẹ̀rún kan: ti ìyá yín, ti ọ̀gá yín, ti àlùfáà, ti ẹni tí ẹ rà bàtà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Omi tó bá ti dànù, a kì í kó o mọ́. Bí ẹ bá gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láago 9:14, kò ní lè ka nọ́ńbà tuntun, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti kà tó sì ti fi ránṣẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Yíyọ áàpù kúrò náà kò lè dá a padà.

Àwọn ará Nàìjíríà mọ ohun tí wọ́n ń fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣe: bí owó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀gá onígbèsè á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtẹ̀jíṣẹ́ àbùkù. Lọ́dún 2023 ni Google kéde pé áàpù tó ń yáni lówó kò gbọdọ̀ béèrè Contacts àti fọ́tò mọ́ bó bá fẹ́ wà lórí Play Store. Nítorí náà, bí áàpù ìyáwó bá hàn lábẹ́ Contacts lónìí, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Ó lè jẹ́ pé ìlíǹkì tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ ni wọ́n ti gbé e wọlé, tàbí ó dé ara fóònù kí òfin náà tó dé tí wọn kò sì tún un ṣe látìgbà náà. FCCPC, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, ní orúkọ àwọn tó gba ìyọ̀ǹda láti máa yáni lówó lórí fóònù, ó wà lórí sáìtì wọn. Àwòrán yín, pẹ̀lú aago 6:12 yẹn, wúlò bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí wọn, tàbí sí NDPC tó ń bójú tó òfin ìpamọ́ ọ̀rọ̀ ẹni ti ọdún 2023. Ẹ jẹ́ kí orúkọ áàpù, ọjọ́ àti aago hàn kedere nínú rẹ̀.

Ohun tí kò sí nínú àwòrán

Àwòrán yìí sọ pé ẹnìkan wọlé, kò sọ ohun tó gbé jáde. Ẹ kò lè fi í mọ̀ bóyá wọ́n fi ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ tàbí wọ́n lò ó lórí fóònù tán síbẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì pàápàá kò sí lára àwọn àṣẹ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, torí Android kì í bi yín kó tó fún áàpù. Nọ́ńbà íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù yín nìkan tó fún áàpù láti fojú bu ìlú tí ẹ wà, láìsí pé ó béèrè Location rárá.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jùyẹn lọ ni Accessibility. Wọ́n ṣe é fún àwọn tí ojú tàbí ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí náà áàpù tó bá gbà á lè ka ohun tó wà lójú fóònù, ó sì lè bá yín tẹ bọ́tìnnì. Kì í hàn nínú Privacy dashboard. Àwọn tó ń jí owó nínú àkántì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ lọ sí Settings, Accessibility, kí ẹ wo àwọn áàpù tí ẹ gbé wọlé fúnra yín. Bí ẹ bá rí orúkọ tí ẹ kò mọ̀ tó wà ní "On", ẹ pa á kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Iphone ní tirẹ̀, "App Privacy Report", lábẹ́ Settings, Privacy & Security. Ọjọ́ méje ló ń fi hàn, ó sì máa ń kọ àwọn sáìtì tí áàpù bá sọ̀rọ̀, èyí tí Android kì í ṣe. Àmọ́ ẹ ní láti kọ́kọ́ tàn án, ìgbà tí ẹ bá tàn án ló sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, nítorí náà kò ní rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Bí ẹ bá ti ṣe àtúnṣe tán, ẹ fi fóònù sílẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ sì ya àwòrán mìíràn ní aago kan náà. Ní ti obìnrin wa, láago 9:14 Ọjọ́bọ̀, Maps àti áàpù tó gbé e wálé ṣì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ Location, torí ó lò wọ́n. Àwọn ìlà ojú ọjọ́ ti òru gbọ́dọ̀ tán láti ìgbà tó ti yí àṣẹ padà. Bí wọ́n bá ṣì wà, kó tẹ ìlà náà padà, á rí i pé "Allow all the time" ṣì wà níbẹ̀. Bí áàpù kan tí ẹ ti tẹ "Don't allow" fún lẹ́ẹ̀mejì kò bá béèrè mọ́, ẹ má rò pé ó bàjẹ́: láti Android 11, fóònù kì í jẹ́ kó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin lẹ ó lọ sínú Settings fún un bí ẹ bá yí ọkàn padà.